Bí ẹ ṣe lè dá àkókò ìpàdé lédè Faransé, kí ẹ sì yí i padà láìsí àṣìgbọ́

Ká ní ẹ ń ta aṣọ ní ọjà Balógun l'Ékòó, ẹ sì fẹ́ bá ìyá kan tó ń ta áńkárá ní Lòmé sọ̀rọ̀ lórí ẹrù tí ẹ fẹ́ rà. Ìyá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin sì gbọ́ Faransé díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp pé « Bonjour, on peut parler mardi ? », ó sì dá yín lóhùn pé « Oui, pas de problème ». Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì sí àdéhùn kankan níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo? Aago mélòó? Ṣé aago Èkó ni àbí ti Lòmé? Ta ni yóò pe ẹnì kejì?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹni tó gbà á lè fi gbólóhùn kan péré dáhùn, kí àdéhùn sì dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà, bí nǹkan bá yí padà, kí ẹ lè gbé ìpàdé náà kúrò níbi tó wà láìsí pé ẹnì kan ń dúró de ẹnì kejì lásán. Ìyá aláṣọ ti Lòmé yìí ni a ó máa bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni ẹ ó lò fún ará Kútọnu, Àbíjàn tàbí Párísì.

Kọ́kọ́ mọ aago ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí

Aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Nígbà tí aago mọ́kànlá bá lù l'Ékòó, aago mẹ́wàá ni ní Lòmé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àbíjàn àti Dákà. Kútọnu kò rí bẹ́ẹ̀, aago kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú Èkó. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Lòmé fi gbọ́dọ̀ dá aago rẹ̀ padà ní wákàtí kan bó bá ti kọjá ẹnubodè Hílákọ́njì. Ti ilẹ̀ Faransé máa ń yí: nígbà òtútù, aago wọn àti ti Èkó dọ́gba, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Nítorí náà, ẹ máa kọ aago méjèèjì, kí ẹ sì fi ti ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ṣáájú: « à 10 h, heure de Lomé (11 h à Lagos) ». Ìwà ọmọlúàbí ni pé kí a má fi ìṣirò dí ẹlòmíràn lọ́rùn nígbà tó jẹ́ pé àwa la fẹ́ gba àkókò rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà jẹ́ ìsinmi ìjọba tiwantiwa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ ní Lòmé lọ́jọ́ náà. Ní tiwọn, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ àti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá jẹ́ ìsinmi ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí ọjà ń ná ní Balógun. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni àyájọ́ òmìnira Tógò, ti Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ.

Ọjọ́ àti aago lórí ìwé

Àwọn elédè Faransé máa ń ka aago dé mẹ́rìnlélógún nínú ohun tí wọ́n bá kọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni « 15 h », aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni « 16 h 30 ». Bí ẹ bá kọ « 3 h » lásán, aago mẹ́ta òru ni wọ́n ó kà á sí lójú ìwé. « Midi » ni aago méjìlá ọ̀sán, « minuit » ni ti òru.

Ọjọ́ ló máa ń ṣáájú oṣù. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì: « mardi 9 juin ». Ẹ kọ orúkọ oṣù náà jáde. Ẹni tó bá ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣòwò lè ka 9/6 sí oṣù kẹsàn-án.

Ẹ ṣọ́ra fún « le ». « Mardi » lásán túmọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí. « Le mardi » láìsí déètì lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá kọ « Je suis disponible le mardi » ti sọ pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lòun máa ń ráyè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí déètì bá ti tẹ̀ lé e, ìṣòro tán: « le mardi 9 juin » kò lè jẹ́ ju ọjọ́ kan lọ.

« Mardi prochain » náà ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹlòmíràn á gbà pé ọ̀túnla ni, ẹlòmíràn á ní ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Mi ò lò ó mọ́ rárá, déètì ni mo ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ « mardi en huit » lẹ́nu wọn: ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lé e. « Dans huit jours » ni ọ̀sẹ̀ kan, « dans quinze jours » sì ni ọ̀sẹ̀ méjì. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá, torí pé bí àwa náà ṣe ń ka òní mọ́ ọn nìyẹn tá a bá sọ pé ìjẹta tàbí ìjẹjọ.

Kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà

Àyè àkókò méjì ni kí ẹ fi lélẹ̀. Ẹyọ kan dà bí àṣẹ. Mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń mú kí ẹni náà gbé fóònù kalẹ̀ pé òun á wò ó tó bá yá. Kí méjèèjì sì yàtọ̀ síra gan-an, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò ní rí ìrànwọ́ kankan gbà bí ẹ bá fún un ní aago mẹ́wàá àti aago mọ́kànlá ọjọ́ kan náà.

Ẹ lo « vous », bí ẹ ó ṣe lo « ẹ » fún àgbà. Ẹ má bọ́ sí « tu » àfi bí òun bá kọ́kọ́ lò ó fún yín. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, « Bonsoir » ni wọ́n máa ń kí ara wọn ní Lòmé àti Kútọnu, kì í ṣe pé wọ́n ń dúró di alẹ́. Kí ẹ sì béèrè àlàáfíà ilé kí ẹ tó kan iṣẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí èmi yóò kọ sí ìyá aláṣọ wa nìyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2026:

> Bonjour Madame,
>
> J'espère que vous allez bien, ainsi que toute la famille.
>
> Je souhaite vous appeler sur WhatsApp au sujet de la commande de pagnes (30 minutes environ). Je vous propose l'un de ces deux créneaux :
>
> – mardi 9 juin à 10 h, heure de Lomé (11 h à Lagos) ;
> – jeudi 11 juin à 15 h, heure de Lomé (16 h à Lagos).
>
> Si aucun des deux ne vous convient, pourriez-vous m'indiquer l'heure qui vous arrangerait, ces jours-là ou le mercredi 10 juin ?
>
> Merci de me répondre avant le vendredi 5 juin à midi.
>
> Bien cordialement,

Ẹ wo bó ṣe tò. Lẹ́yìn ìkíni, gbólóhùn kan sọ ohun tí ìpàdé dá lé, ẹni tí yóò pe ẹnì kejì, ọ̀nà tí yóò gbà pè é, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. « Créneau » ni àyè àkókò tó ṣófo nínú ọjọ́. « Je vous propose » jẹ́ ọ̀nà pẹ̀lẹ́ láti fi ìmọ̀ràn lélẹ̀, ó sì dára ju « je veux » lọ, èyí tó máa ń dún bí ẹni tó ń pàṣẹ. Ìbéèrè « Si aucun des deux… » ṣí ilẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n kò ṣí i gbayawu: ó sọ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ lè ráyè. Bí ẹ bá kọ « quand vous voulez », ẹ ti dá gbogbo iṣẹ́ padà sí i lọ́rùn, ó sì lè mú ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ kejìlá tí ẹ̀yin ti wà ní ìsinmi. Ìlà tó kẹ́yìn fún ìdáhùn ní gbèdéke. Láìsí i, ẹ ó máa pa àkókò méjì mọ́ nítorí ẹni kan.

Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ lè fi « Seriez-vous disponible… ? » tàbí « Est-ce que mardi 9 juin à 10 h vous conviendrait ? » rọ́pò « Je vous propose ». Nínú ímeèlì fún ọ̀gá, « Madame, » tàbí « Monsieur, » nìkan ló yẹ lókè ìwé, láìfi orúkọ ìdílé sí i.

Mọ ohun tí ìdáhùn náà sọ

« Mardi me convient », « C'est bon pour mardi » àti « C'est noté » jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tó dúró. « Je reviens vers vous » túmọ̀ sí pé ẹni náà á tún kàn sí yín, kò tíì gbà. « On se rappelle » kì í ṣe àdéhùn rárá. Èyí tó ń tan àwa tá a kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ jù ni « éventuellement ». « Éventuellement jeudi » túmọ̀ sí « bóyá Ọjọ́bọ̀, bó bá ṣeé ṣe ». Kò sí ìdánilójú kankan nínú rẹ̀.

Ká ní ìyá náà dáhùn pé: « Bonjour. Mardi d'accord, mais plutôt à 11 h. » « Plutôt » ni kókó ibẹ̀: ó gba ọjọ́, ó yí aago. Ẹ má dáhùn pé « OK » kí ẹ sì lọ. Ẹ tún gbogbo àdéhùn náà kọ ní ìlà kan:

> C'est noté, merci. Je vous appelle donc mardi 9 juin à 11 h, heure de Lomé (midi à Lagos).

Ìlà yìí ni ẹ̀yin méjèèjì yóò padà wá wò láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ gígùn tó wà lókè rẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti dá àkókò náà, ẹ ṣì kọ ìlà yìí ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀, torí pé àwọn aago kan jọra gan-an létí. « Six heures » àti « dix heures » fi ìró kan péré yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ sì ni « deux heures » àti « douze heures ». « Treize heures » àti « seize heures » náà jọra. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ẹ béèrè pé « Dix heures du matin, c'est bien ça ? » Ẹ pe aago méjìlá ọ̀sán ní « midi », kí ẹ sì pe aago méjì ọ̀sán ní « quatorze heures », ẹnikẹ́ni ò ní ṣi àwọn yẹn gbọ́.

Gbígbé ìpàdé kúrò níbi tó wà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún Yorùbá. Àwa máa ń sọ pé a sún ìpàdé síwájú tí a bá gbé e lọ sí ọjọ́ tó ṣì jìnnà. « Avancer » ni ọ̀rọ̀ Faransé fún kí nǹkan lọ síwájú, ó sì rọrùn kí ẹnu mú un. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìpàdé, òdì kejì ni: « avancer la réunion » ni kí a mú un wá sí àkókò tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìyá náà bá ní « On peut avancer à lundi ? » lórí ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Ajé ọjọ́ kẹjọ ló ń sọ. Ẹni tó bá fetí Yorùbá gbọ́ ọ á máa múra de ọjọ́ 15, nígbà tí ìyá náà á ti máa dúró de ìpè rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú.

Fún ohun tí àwa ń pè ní sísún síwájú, « reporter » tàbí « repousser » ni ẹ ó lò. « Reporter » ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwé. « Décaler » kàn túmọ̀ sí kí a sún nǹkan kúrò níbi tó wà, kò sì sọ apá ibi tó lọ, nítorí náà ẹ má lò ó láìsí aago tuntun lẹ́yìn rẹ̀. « Annuler » ni kí a fagi lé e pátápátá.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé wọn. « Repousser d'une heure » ni kí a fi wákàtí kan kún un, kí ìpàdé aago mọ́kànlá di aago méjìlá. « Repousser à une heure » ni kí a gbé e lọ sí aago kan ọ̀sán. Ìyàtọ̀ wákàtí kan gbáko ni lẹ́tà « d » yẹn ń fà. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ pe aago tuntun náà fúnra rẹ̀: « repousser à midi ».

Ìkejì ni « du… au… ». « Du mardi 9 au jeudi 11 » tún lè túmọ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀. Láti yẹra fún un, ẹ pe ìpàdé àtijọ́ ní « l'appel prévu le… », ìpè tí a ti fi sí ọjọ́ báyìí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé lọ́jọ́ Ajé ọjọ́ kẹjọ, ẹ rí i pé ẹ ò ní ráyè lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ lọ́gán, kó má di àárọ̀ ọjọ́ náà:

> Bonjour Madame,
>
> Je vous prie de m'excuser : j'ai un empêchement demain et je ne pourrai pas vous appeler.
>
> Serait-il possible de reporter notre appel, prévu le mardi 9 juin à 11 h, au jeudi 11 juin à la même heure (11 h à Lomé, midi à Lagos) ? Sinon, je suis aussi disponible le mercredi 10 juin à 16 h, heure de Lomé (17 h à Lagos).
>
> Merci de me dire ce qui vous arrange. Dans tous les cas, l'appel de demain n'aura pas lieu.
>
> Encore toutes mes excuses.

« J'ai un empêchement » ti tó ní àlàyé. Ó túmọ̀ sí pé ohun kan dí yín lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí ni. « Je vous prie de m'excuser » ní ọ̀wọ̀ ju « Je m'excuse » lọ, èyí tí àwọn àgbàlagbà máa ń gbọ́ bí ẹni tó forí ji ara rẹ̀. Ìlà « l'appel de demain n'aura pas lieu » ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tí kò bá rí i lè rò pé títí òun ó fi dáhùn, ti ọ̀la ṣì dúró, kó sì jókòó ti fóònù láago mọ́kànlá.

Nínú ímeèlì, ẹ jẹ́ kí àkòrí gbé ìròyìn náà, torí ibẹ̀ lojú ń kọ́kọ́ bà:

> Objet : Report de l'appel du 9 juin – nouvelle date proposée : jeudi 11 juin, 11 h

Bí àwọn méjèèjì ò bá rọrùn fún un, tó sì mú àkókò tí kò rọrùn fún ẹ̀yin náà wá, ẹ má dá « non » nìkan padà. Kí àyè tuntun máa bá ìkọ̀sílẹ̀ rìn:

> Mercredi matin ne m'est malheureusement pas possible. En revanche, je suis libre lundi 15 juin à 10 h, heure de Lomé (11 h à Lagos). Cela vous irait-il ?

Nígbà tó bá gbà, ẹ tún ìlà « C'est noté » kọ pẹ̀lú ọjọ́ tuntun, kí ẹ sì yọ ti àtijọ́ kúrò nínú kàlẹ́ńdà yín. Bí ẹ bá ti fi ìkésíni kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí i, èyí tó wà nílẹ̀ náà ni kí ẹ yí aago rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ṣe òmíràn, méjì ni yóò máa rí.

Ó ku kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá yín dúró lórí afárá lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí kò tó ohun tí a ń torí ẹ̀ gbé ìpàdé lọ sí ọjọ́ mìíràn. Ìlà kan ti tó, bí ẹ bá fi ránṣẹ́ kó tó di aago tí ẹ jọ fi àdéhùn sí:

> Bonjour Madame, j'aurai un quart d'heure de retard. Je vous appelle à 11 h 15, heure de Lomé. Merci de votre patience.